Láti Orí Àrìdan Dé Ìwé Àyẹ̀wò: Gbòǹgbò Látìnì àti Gíríìkì Nínú Orúkọ Ewé àti Igi Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwàré

 

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Látìnì àti Gíríìkì tí òǹkàwé lè fi méfò ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò rí rí. Kókó yìí gbòòrò púpọ̀, nítorí náà apá kan péré ni mo mú nínú rẹ̀: orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe ewé àti igi. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ẹ ti mọ àwọn igi náà. Ẹ ti já wọn, ẹ ti sè wọ́n, ẹ ti fi wọ́n wo ọmọ. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí orúkọ kan ń tọ́ka sí, tí a wá fi hàn án bí wọ́n ṣe kan orúkọ náà pọ̀, kì í gbàgbé gbòǹgbò inú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó bá sì pàdé gbòǹgbò yẹn nínú ìwé bàọ́lọ́jì tàbí lórí ìwé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, yóò dá a mọ̀.

Bí ẹnu ṣe ń pe àwọn orúkọ náà ni mo ṣe kọ wọ́n síhìn-ín. Níbi tó bá ti pọn dandan kí a mọ lẹ́tà tí ìwé fi kọ gbòǹgbò kan, màá ka lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Látìnì àti Gíríìkì? Látìnì ni èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ̀wé sí ara wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí ará Jámánì lè ka iṣẹ́ ará Ítálì. Ní 1753, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn kan tó ń jẹ́ Carl Linnaeus tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ewéko ayé. Kí ó tó dìgbà náà, odidi gbólóhùn ni orúkọ ewé kan máa ń jẹ́ nínú ìwé. Linnaeus fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì péré: èkíní fún ẹbí, èkejì fún òun fúnra rẹ̀. Níbi tí Látìnì kò bá ti ní ọ̀rọ̀ tó tó, wọ́n á yá ti Gíríìkì, wọ́n á fi ìparí Látìnì sí i lẹ́yìn. Títí di ìparí 2011, ẹni tó bá rí ewé tuntun gbọ́dọ̀ fi Látìnì ṣàpèjúwe rẹ̀ kí ayé tó gba orúkọ tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012, òfin gbà kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpèjúwe náà, ṣùgbọ́n ìrísí Látìnì ni orúkọ gan-an ṣì gbọ́dọ̀ ní.

Iṣẹ́ ìsọlórúkọ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn, ibi ìkójọ ewé gbígbẹ wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n tẹ ewé àti òdòdó gbẹ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n kọ orúkọ méjèèjì sí i pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti já a. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló tẹ ìwé tí Z. O. Gbile kọ ní 1984, tó fi orúkọ Yorùbá ewé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìnì rẹ̀. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì tó bá rí ìwé yẹn, kí ó má fi í sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a mú àrìdan lọ́wọ́.

Èso rẹ̀ gùn, ó pọ́n dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Ẹ gé e ní ìbú, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Igun mẹ́rin ló yọ síta, wọ́n sì tò bẹ́ẹ̀ láti ìdí èso dé ṣóńṣó rẹ̀. Méjì nínú igun náà le bí igi. Méjì tó kù ní ẹran tó rọ̀, tó dùn díẹ̀, tó ní òróró, ibẹ̀ sì ni òórùn rẹ̀ pọ̀ sí. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Tẹtirapulúúrà tẹtirapitẹ́rà. Ó gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Tẹ́tírà ni mẹ́rin. Pulúúrà ni ìhà, níbi tí egungun ìhà wà. Pitẹ́rà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìyẹ́ apá ẹyẹ. Oníhà mẹ́rin, oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin: ohun tí ẹ rí lójú ibi tí ẹ gé náà ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kọ sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí a wo ibòmíràn tí wọ́n dé. Pulúúrà ni dókítà ń pe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró tó sì tẹ́ inú ìhà. Bí awọ yẹn bá wú, tí èèyàn ń mí tí ìhà ń gún un bí ọ̀bẹ, púlúrísì ni wọ́n ń kọ sórí káàdì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìhà àrìdan, ibi tó ń dun aláìsàn yẹn kò ṣókùnkùn sí yín mọ́.

Pitẹ́rà, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ p-t-e-r, kún inú ẹ̀kọ́ kòkòrò. Ìwé bàọ́lọ́jì pe eṣinṣin àti ẹ̀fọn ní Dípítẹ́rà. Di ni méjì ní Gíríìkì. Kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ méjì nìyẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó mú ẹ̀fọn tó ti kú, kí ó ka ìyẹ́ rẹ̀: méjì ni yóò bá, nígbà tí oyin àti labalábá ní mẹ́rin. Gbòǹgbò yìí kan náà ló wà nínú hẹlikópítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gé ọ̀rọ̀ yẹn. Hẹlíkò ni ohun tó ń lọ́ yíká, pítà ni ìyẹ́. Ìyẹ́ tó ń yí ni.

Tẹ́tírà ní tirẹ̀ wà lórí oògùn tí gbogbo wa mọ̀, kápúsù pupa àti yẹ́lò, ìyẹn tẹtirasáíkílìn. Sáíkílì ni òrùka tàbí àgbá tó ń yí, òun ló sì wà nínú báísíkù, tí bi rẹ̀ jẹ́ méjì ní Látìnì. Bí àwọn oníkẹ́míṣírì bá ya àwòrán oògùn náà, òrùka mẹ́rin ni wọ́n máa ń yà, tí wọ́n so mọ́ ara wọn ní ìlà kan. Ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ nìyẹn. Kò sọ àrùn tó ń wò, kò sì sọ iye tó yẹ kí a lò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra. Tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tí wọ́n ń torí rẹ̀ gún aláboyún àti ẹni tí ìṣó gún lábẹ́rẹ́, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró tó jọ ti tẹ́tírà. Kò sí mẹ́rin nínú rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí nínà tàbí fífà le ló ti wá, nítorí pé iṣan aláìsàn máa ń fà le gan-an, àgbọ̀n rẹ̀ á dì, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀ bí ọrun. Lẹ́tà ló ń yà wọ́n: t-e-t-r-a ni mẹ́rin, t-e-t-a-n ni fífà le. Ẹni tó bá gbé ojú lé ìró nìkan yóò ṣìnà, nítorí náà kí ó wo gbogbo lẹ́tà pátá kó tó sọ pé òun mọ gbòǹgbò kan.

Lẹ́tà náà a sì tún máa sọ èdè tí ọ̀rọ̀ ti wá. Níbi tí ẹ bá ti rí p àti h tí wọ́n ń dún bí f, tàbí c àti h tí wọ́n ń dún bí k, tàbí y láàárín ọ̀rọ̀, tàbí p àti t tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀rẹ̀ tí p kò dún, Gíríìkì ló sábà máa ń jẹ́. Ìwúlò rẹ̀ ni pé gbòǹgbò Gíríìkì sábà máa ń bá Gíríìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn nínú ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹ bá ti dá apá kan mọ̀ pé Gíríìkì ni, ẹ wá apá kejì láàárín àwọn gbòǹgbò Gíríìkì tí ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó yà sí ti Látìnì.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ewé tó kàn, torí ó kan ìlera wa.

Ewé eéran ni, èyí tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ewé rẹ̀ ju èso rẹ̀ lọ. Ìdí ewé náà nílẹ̀ ni èso rẹ̀ máa ń wà, ó pupa fòò, ó ní igun mẹ́ta, kóró dúdú sì wà nínú rẹ̀ tí nǹkan rọ̀gbọ̀dọ̀ funfun dì mọ́. Ọmọdé tó bá bá ìyá rẹ̀ lọ sí bèbè odò lọ já ewé ti pọ́n ọn lá rí. Ó dùn, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu. Èròjà tó fa adùn yìí ni wọ́n ń pè ní taumatínì. Bí a bá wọn òun àti ṣúgà ní ìwọ̀n kan náà, adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Orúkọ ewé náà ni Taumatokọ́kọ́ọ̀sì daniẹlíáì. Táúmà ni ohun ìyanu ní Gíríìkì; kọ́kọ́ọ̀sì, c-o-c-c-u-s, ni èso tàbí kóró kékeré tó rí roboto. Èso ìyanu. Apá kejì jẹ́ orúkọ èèyàn, William Daniell, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó sì kọ̀wé nípa èso wa ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ẹ mú kọ́kọ́ọ̀sì yẹn dání, ká lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Ní nǹkan bí 1880, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Aberdeen, ní Sikọ́tíláǹdì, Alexander Ogston, ń fi ọyún inú eéwo sábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi. Ó rí àwọn ohun abẹ̀mí roboto tí wọ́n wọ́ jọ sójú kan bí ìdì èso àjàrà. Ìdì àjàrà ní Gíríìkì ni sitafíìlì. Ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì pè wọ́n ní Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì. Àwọn roboto mìíràn wà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹ̀wọ̀n ọrùn. Àwọn yẹn ń jẹ́ Sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun tí a lọ́ tàbí tí a yí bí ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ rí ni orúkọ méjèèjì sọ, kò lé kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ti sọ Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì dà lọ́dọ̀ wa. Ẹ tan rédíò, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ olóògùn tó ń pariwo pé òun ló ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń fa àìrọ́mọbí, òun ló ń rìn kiri lára bí ìjàlọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin á lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, wọ́n á kọ orúkọ yẹn sí ìwé rẹ̀, ìbẹ̀rù á mú un, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìgò oògùn lórí ìgò. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí owó ẹni tí kò ní ló ń lọ. Ẹni tó bá mọ gbòǹgbò orúkọ náà ti ní ohun tó lè fi dúró kó ronú. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé wọ́n rí àwọn kòkòrò roboto tó wọ́ jọ bí àjàrà. Kò tíì sọ pé àrùn kan wà. Irú wọn kan wà lára awọ gbogbo ènìyàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní áúríọ́ọ̀sì, ìyẹn aláwọ̀ wúrà, torí àwọ̀ tó ń yọ lórí àwo tí wọ́n ti ń hù ú, wà nínú imú nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́wàá láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bí a kò bá fọ ara dáadáa kí a tó gba ìtọ̀, èyí tó wà lára awọ lè bọ́ sínú ife.

Èmi kò sọ pé kòkòrò yìí kì í pa ènìyàn lára o. Ó ń fa eéwo, ó ń ba ọgbẹ́ jẹ́, bó bá sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ nìkan kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí a bi dókítà ni pé ibo lára ni wọ́n ti mú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, irú èwo nínú ìdílé náà ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, àti pé ǹjẹ́ ohun tó ń ṣe mí bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ewé. Ọ̀rọ̀ ewé fúnra rẹ̀ ní gbòǹgbò tirẹ̀ ní Gíríìkì, òun sì ni èyí tí ọmọ ilé-ìwé yóò pàdé jù lọ: p-h-y-l-l, tí a ń pè ní fíìlì. Ẹ já ewé àbámodá kan, ẹ tẹ́ ẹ lé ilẹ̀ tó tutù níbi ìbòòji, kí ẹ fi í sílẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí ọmọ kéékèèké yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní etí ewé náà, níbi tó ti ṣe gẹ́régẹ́ré, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ewé àti gbòǹgbò tirẹ̀. Biraofílọ́ọ̀mù ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ìwé bàọ́lọ́jì ń pè é. Biráò ni rírúwé, fíìlì ni ewé: ewé tó ń rúwé. Ẹ tún wo ẹ̀yìn olobe, ewéko kékeré tó ń hù lẹ́yìn ilé tí àwọn àgbà fi ń se àgbo. Ẹ yí ẹ̀ka rẹ̀ padà. Òdòdó àti èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ tò sábẹ́ ẹ̀ka, bí ẹni pé lára ewé gan-an ni wọ́n ti ń yọ. Filántọ́ọ̀sì amárọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Fíìlì ni ewé, ántọ́ọ̀sì ni òdòdó, amárọ́ọ̀sì ni kíkorò ní Látìnì. Ẹni tó bá ti mu àgbo rẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí lórí apá kẹta.

Ní 1817, àwọn apòògùn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ ohun tó mú ewé ní àwọ̀ rẹ̀ jáde. Wọ́n pè é ní kilorofíìlì. Kilóró, c-h-l-o-r, ni àwọ̀ ewé títutù. Àwọ̀ ewé inú ewé, ìyẹn ni. Àwọn méjì yìí kan náà ni wọ́n yọ kuniíìnì jáde láti ara èèpo igi ní 1820, oògùn ibà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa láti Yúróòpù. Nígbà tí ewé bá fẹ́ wọ́ tí ó ń pọ́n yẹ́lò, àwọ̀ kan tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń hàn, wọ́n ń pè é ní santofíìlì. Sántò ni àwọ̀ yẹ́lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti mọ fíìlì kò ní láti há ọ̀rọ̀ yìí sórí mọ́. Àwọ̀ tó wà níwájú nìkan ló kù kó mọ̀.

Gbòǹgbò kilóró yìí ni mo rò pé ó kọ́ni jù, torí ó ti rin ìrìn tó mú un kúrò ní ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1810, Humphry Davy fún afẹ́fẹ́ olóró kan lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tó fẹ́ jọ ewé, ó sì pè é ní kiloríìnì. Òun ni èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, tí oníkẹ́míṣírì bá ti fi kilóró síwájú orúkọ oògùn, kì í ronú nípa àwọ̀ mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé èròjà kiloríìnì wà níbẹ̀.

Oògùn ibà méjì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìkíní ni awọpa, igi tí àwọn kan ń pè ní dókítà igbó, tí wọ́n ń ta èèpo rẹ̀ lọ́jà fún àgbo ibà. Ọ̀pọ̀ ìwé pè é ní Ẹnántíà kilorántà. Kilóró àti ántọ́ọ̀sì ló wà nínú apá kejì yẹn: olódòdó àwọ̀ ewé. Ẹni tó ń wo èèpo rẹ̀ lórí àtẹ, tó rí i tó pọ́n yẹ́lò, lè ní orúkọ náà purọ́. Kò purọ́. Òdòdó ló ń sọ, òdòdó kì í sì í dé orí àtẹ. Èkejì ni kilorokúìnì, oògùn kíkorò tí gbogbo wa gbé mì ní kékeré, kí ìjọba tó fi àwọn oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005 nítorí pé ibà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Hóró rẹ̀ funfun. Kò sí àwọ̀ ewé kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo bí kẹ́míṣírì ṣe ń kọ ọ́:

C18H26ClN3

Cl tó wà láàárín yẹn ni kiloríìnì, ẹyọ kan péré. Apá ìparí, kúìnì, ni wọ́n gé láti ara kuniíìnì. Oògùn ibà méjì, gbòǹgbò kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ohun tí ẹ ó fi dá wọn mọ̀ ni ẹgbẹ́ tí gbòǹgbò náà ń bá rìn. Bó bá bá ewé, òdòdó tàbí ara ewéko rìn, àwọ̀ ni. Bó bá wà lára oògùn tàbí kẹ́míkà, ẹ wá Cl nínú rẹ̀.

Ọmọ Afijió kò lè sọ̀rọ̀ èso kó má dárúkọ àgbálùmọ̀. Kirisofílọ́ọ̀mù alibídọ́ọ̀mù ni ìwé ń pè é. Kirísò ni wúrà, fíìlì ẹ ti mọ̀ ọ́n. Oníwúrà léwé. Alibídọ́ọ̀mù, láti inú Látìnì tó ń pe funfun ní álíbọ̀ọ́sì, ni ohun tó fẹ́ funfun. Ewé wo ló jẹ́ wúrà tó tún jẹ́ funfun? Ẹ lọ sábẹ́ igi rẹ̀, ẹ já ewé, ẹ yí inú rẹ̀ sókè: funfun bíi fàdákà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Wúrà dà? Ó wà ní òdìkejì òkun. Igi tí Linnaeus rí nígbà tó sọ ẹbí náà lórúkọ ní 1753 jẹ́ ìbátan àgbálùmọ̀ tó ń hù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọ̀ tó jọ wúrà ló wà lábẹ́ ewé tirẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn wá mọ tiwa lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ẹbí kan ni wọ́n, wọ́n sì fi orúkọ ẹbí náà fún un, kí wọ́n tó fi apá kejì sọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, apá kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí igi iwájú yín jẹ́. Apá kìíní lè máa sọ ìtàn ìbátan kan tí ẹ kò rí rí.

Àwọn orúkọ kan sì wà tí gbòǹgbò kò lè ṣí. Igi irú ń jẹ́ Pákíà, láti ara Mungo Park, arìnrìn-àjò tó bá odò Ọya lọ ní Búsà ní 1806. Ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ pákì nínú Gíríìkì yóò pẹ́ níbẹ̀. Apá kejì rẹ̀, biglobósà, ló sọ nǹkan: bi ni méjì, glóbù ni ohun tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, òdòdó pupa rẹ̀ tó ń fì lórí igi ló sì ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú ọ̀rọ̀ kan pọ̀, kí n tó jókòó. Ó wà lórí káàdì àwọn ìyá wa tó ń lọ ilé ìwòsàn aláboyún: alibuminúríà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹ mú un láti ẹ̀yìn, torí ẹ̀yìn ló máa ń sọ irú ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Úríà, u-r-i-a, ni ipò tí ìtọ̀ wà. Ẹ wá padà síwájú: alibúmìn. Álíbọ̀ọ́sì tó wà nínú àgbálùmọ̀ ni, funfun. Funfun ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, kí orúkọ náà tó di ti irú èròjà purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ti jò wọ inú ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì ń fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ogún oyún, ó lè jẹ́ àmì àìsàn tó lè mú aláboyún ní gìrì, dókítà sì gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Orúkọ náà sọ ohun tó wà nínú ìtọ̀. Kò sọ ohun tó fà á.

Ẹ fi úríà sílẹ̀ sí àyè rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Gíláíkò ni dídùn ní Gíríìkì, nítorí náà gilaikosúríà ni ṣúgà inú ìtọ̀. Hímátò, h-a-e-m-a-t, ni ẹ̀jẹ̀, nítorí náà himatúríà ni ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀. Ìyá tó ti rí i tí ọmọ rẹ̀ tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti ń wẹ̀ nínú odò mọ ohun tí à ń pè é nílé: àtọ̀sí ajá. Kòkòrò tó ń fà á ni Sikisitosómà. Sikísítò ni ohun tí a là, sómà ni ara. Ara akọ rẹ̀ là sí kòtò gígùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú kòtò yẹn ni abo rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ óò rí sómà nínú kuromosómù pẹ̀lú. Kurómò, tí wọ́n fi c àti h bẹ̀rẹ̀, ni àwọ̀. Ẹ lọ bi olùkọ́ yín ohun tí wọ́n fi sí sẹ́ẹ̀lì lára kí ara kékeré yẹn tó lè hàn lábẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n fi pè é ní ara tó gba àwọ̀.